Ó Jinná, Kò Tíì Jinná

Àwo àkọ́kọ́ tó padà wá, mo rò pé àṣìṣe ni. Èkejì, mo bú ẹni tó jẹ ẹ́ nínú ọkàn mi. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé lọ́jọ́ Ajé, tí ìwé pélébé kan sì wà lábẹ́ fọ́ọ̀kì, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni: "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ó le. Tún un ṣe."

Bàbá kan tó jẹ́ olùkọ́ àgbà kó tó fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́. Yàrá keje ló ń gbé ní òtẹ́ẹ̀lì wa láti ìgbà tí wọ́n ti ń tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe, oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ rí: búrẹ́dì méjì, tíì, àti ẹyin rírò. Kì í ṣe ẹyin tí à ń dín pẹlẹbẹ, tí à ń yí lójú dé o. Èyí tí à ń lù, tí à ń dà sínú páànù tó ní bọ́tà, tí à ń fi ṣíbí onígi rò títí yóò fi dì ní ègé-ègé rírọ̀ tó ń dán. Bàbá ń fún un ní máàkì bí ẹni pé ẹyin fẹ́ bọ́ sí kíláàsì kejì.

Ọ̀gá ilé ìdáná wa ga débi pé orí rẹ̀ ń kan àwọn ìkòkò tí a gbé kọ́. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yíjú sí mi.

"Ìyá Síǹkì, o rí nǹkan?"

Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi fọ àwo nídìí síǹkì kí n tó dé ìdí iná. Ọṣẹ ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ mi débi pé bí mo bá fọwọ́ pa ọmọ mi lórí, á ní, "Màámi, ọwọ́ yín ń ha mí." Mo kórìíra omi yẹn. Mo kórìíra òórùn rẹ̀ pàápàá. Oṣù kan péré ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò nídìí ẹyin, awọ ọwọ́ mi sì ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mo rí i, sà."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ṣe ẹyin níbí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá yìí náà máa ń yà wá jẹ ẹ́ nígbà yẹn, àwo kan ṣoṣo kò padà. Òun náà ló dúró fún ọ, ló ní o lè ṣe é. Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì. Bí àwo bàbá yìí bá tún padà lọ́jọ́ Ẹtì, síǹkì rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí."

Mo ní ó dáa, sà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo ya ọ̀lẹ. Láti ọjọ́ tí òróró gbígbóná ti ta sí ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé oúnjẹ lára, Ọ̀gá ti ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ iná mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n dúró sí. Bí oúnjẹ bá jinná, ẹni tó sè é á pariwo, "Ó jinná!" Ìgbà náà ni ẹni tó fẹ́ gbé e á fọ ọwọ́, á mú tíréè, á mú àwo láti inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń móoru, á wá bá a. Òfin kejì ni pé a ò gbọdọ̀ bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é, torí Ọ̀gá kò fẹ́ rí àwo tó ń tutù lórí tábìlì. Ìgbà tí tíréè bá dé ni kí o bù ú. Òfin ni, mo sì ń pa á mọ́.

Ẹni tó ń gbé ti bàbá, Rọra là ń pè é. Láti gbogbo ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti ìgbà Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kò da tíì sílẹ̀ rí, kò sì yára rí. Bí iná bá ń jó ilé, Rọra á kọ́kọ́ to ṣíbí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dín iná kù. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ mi ni: bí iná bá pọ̀ jù, ẹyin á gbá ara rẹ̀ mú, á fún omi inú rẹ̀ jáde bí ìgbà tí a ń fún aṣọ, ohun tó bá kù á wá le bí rọ́bà. Ó máa ń sọ ọ́ léraléra pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú koko ní í le. Ó dáa. Mo rẹ iná sílẹ̀ títí ó fi dà bíi ti àbẹ́là. Mo ń rò ó, mo ń wo aago, mo ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dì tán, tí kò sí ibi tó ṣì tutù lójú mọ́, mo pariwo, "Ó jinná!" Rọra fọ ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ó wá. Àwo padà pẹ̀lú máàkì mẹ́rin.

Ọjọ́rú, mo da mílíìkì sí i. Ta ló kọ́ mi? Ìdààmú ló kọ́ mi. Nígbà tí àwo padà, omi funfun ti sun sílẹ̀ lábẹ́ ẹyin, búrẹ́dì ti mu ún, ó ti rọ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀. "Méjì. Ṣé kí n fi ṣíbí mu ún ni?"

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo rò ó láì sinmi rárá, bí ẹni tí nǹkan ń lé. Mo ti gbàgbé pé bí ṣíbí kò bá jẹ́ kí ẹyin sinmi, kò ní ráyè dì ní ègé tó jọjú. Ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó tún wá gbẹ. "Mẹ́ta. Iyanrìn." Rọra gbé ìwé náà fún mi bí ẹni tó ń gbé ìwé ikú fún opó.

Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá."

"Ta ló ní mo ń bínú?" Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rí i pé mo ti fi ṣíbí onígi gún tábìlì tí ṣíbí náà fi ya.

Ohun tó ń dà mí lórí rú gan-an ni pé nílé, ẹyin mi kì í le. Ọwọ́ kan náà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ mi á dúró tì mí nídìí sítóòfù pẹ̀lú àwo rẹ̀ lọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé, á gbà á tààrà láti inú páànù, á jẹ ẹ́, á lá ṣíbí. Mo bi í léèrè bóyá ó ń tàn mí jẹ ni. Ó ní bí ẹyin bá le, òun ò ní lá ṣíbí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́, nítorí ọkọ mi kì í fi ẹnu rẹ̀ ṣe àánú ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá ń ṣe ẹyin mi ní òtẹ́ẹ̀lì? Mo fura sí bọ́tà. Mo fura sí páànù. Mo fura sí àwọn adìẹ. Bí a ṣe ń parí iṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo rí i pé ẹnì kan ti fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tuntun lé etí síǹkì. Bóyá tèmi kọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò gbé mi lọ sílé. Ilé Ẹ̀gbọ́n ló gbé mi lọ.

Orúnkún ló lé Ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo bá a lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí, ó ń ṣa ìrẹsì.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ojú rẹ rí bí ojú ẹni tí wọ́n jí lápò. Jókòó."

Mi ò jókòó. Mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mo ń ka máàkì mi fún un: mẹ́ta, mẹ́rin, méjì, mẹ́ta. Ó bi mí nípa iná, mo dáhùn. Ó bi mí nípa bọ́tà, mo dáhùn. Ó ní ṣé mo máa ń fi iyọ̀ sí i kí n tó lù ú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ibi tí a ò yẹ̀ wò.

"Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti kọ́ ọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àbí mo ti fi ẹnu mi dúró fún ohun tí apá rẹ kò ká?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ìwé bàbá lọ. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é lójú mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ẹ ṣe ń ṣe é níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe é."

Ó kérora, ó di etí tábìlì mú, ó dìde. Ẹyin mẹ́ta ló fọ́, ó lù ú títí kò fi sí okùn funfun nínú rẹ̀ mọ́. Ó gbé páànù rẹ̀ tó nípọn kaná, ó jẹ́ kí bọ́tà yọ́, kó hó díẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó pọ́n. Ó da ẹyin sí i. Kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó dúró kí etí rẹ̀ kọ́kọ́ funfun, ó wá fi ṣíbí fà á pẹ̀lẹ́ láti etí wá sí àárín, ó dúró, ó tún fà á. Níbi tó ti fẹ́ yára dì, ó gbé páànù kúrò lórí iná, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e padà. Ègé ńlá ńlá tó rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó lé ara wọn. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Kò sí ohun tuntun kan níbẹ̀. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n wá pa iná. Ó gbé ojú sókè sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi gbogbo ọ̀fun pariwo:

"Ó jinná!"

Mo fò sókè. Obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ògiri dáhùn, "Kí ló jinná?"

Ẹ̀gbọ́n di ẹnu rẹ̀ mú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi ná! Ta ni mò ń pè? Ẹnu mi ti mọ́ ọn, ìyàwó. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ro ẹyin, ó gbọ́dọ̀ jáde."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo inú páànù. Ẹyin náà ṣì tutù lójú. Ó ń dán, omi ẹyin tí kò tíì dì ṣì wà láàárín àwọn ègé rẹ̀, ó ń ṣàn lọ bí a bá gbọ̀n páànù.

"Ẹ̀gbọ́n, kò tíì jinná."

"Kí ni kò tíì jinná?"

"Ẹyin yìí. Ẹ pariwo pé ó jinná. Kò tíì jinná."

Ó bojú wò ó. "Á jinná," ó ní, bí ẹni tí kò rí ìyọnu kankan níbẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá àwo kan lọ, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó yára. Ó dé, ó bù ú, ó gbé e wá síwájú mi, ó tún lọ mú fọ́ọ̀kì. Nígbà tí mo fi máa fi fọ́ọ̀kì kàn án, omi yẹn ti lọ. Ooru inú páànù àti ooru ara ẹyin náà ti parí iṣẹ́ tó kù. Ó rọ̀, ó sì dì. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Mo bínú débi pé mi ò lè gbé e mì. "Ẹ ò sọ fún mi!"

"Kí ni mi ò sọ?"

"Pé irọ́ lẹ máa ń pa! Èmi máa ń dúró kó jinná kí n tó sọ pé ó jinná. Kí Rọra tó fọ ọwọ́, kó tó mú tíréè, ẹyin wà nínú páànù gbígbóná. Kó tó rìn dé òkè, ẹyin wà lórí àwo gbígbóná, wọ́n fi ọmọrí dé e. Ó ń jinná lọ, ó ń jinná lọ! Ìyá tó bí mi kọ́ mi pé a kì í sọ pé oúnjẹ jinná bí kò bá jinná!"

Ẹ̀gbọ́n fìdí lélẹ̀ lórí àga rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà ti ń ṣe nǹkan kan lẹ́yìn òun.

"Ọdún mọ́kàndínlógún," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé mò ń purọ́. Lójú tèmi, ó ti jinná. Ṣé o rí i, mo ti ka ẹsẹ̀ Rọra mọ́ ọn."

Mo ti múra láti bínú sí i títí di alẹ́, àmọ́ báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ kọ́ni ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun mọ̀? Mo jẹ ẹyin náà tán. Mo lá fọ́ọ̀kì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lórí mi. Nígbà tí mo ń fọ́ ẹyin, èèpo kan já sínú abọ́, mo fi ìka yọ ọ́. Mo dúró kí etí rẹ̀ funfun. Mo fà á, mo dúró. Ó ń wù mí kí n máa rò ó lọ kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe, àmọ́ mo fi ọwọ́ òsì di ẹ̀wù ara mi mú, mo jẹ́ kó sinmi. Ègé bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Omi rẹ̀ ṣì ń dán.

Ìgbà náà ló yẹ kí n pariwo. Ẹnu mi kọ̀. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Èmi ni mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú méjèèjì.

Mo pa iná. "Ó jinná!"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú páànù. "Ó jinná kẹ̀? Èyí tó ń ṣàn yìí? Tan iná yẹn padà."

"Rárá, sà."

Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà gbé ọ̀bẹ dúró. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, ẹ̀rù sì ba èmi náà.

"Ṣé o fẹ́ fi ẹyin tútù pa bàbá yàrá keje ni?" Ó na ọwọ́ sí ìdí gáàsì. Mo gbé páànù kúrò níwájú rẹ̀, mo fi ara mi dí i.

"Sà, bí àwo yìí bá padà, ẹ má wulẹ̀ lé mi. Mo ti mọ ọ̀nà síǹkì. Èmi fúnra mi á wọ ìbọ̀wọ́."

Ẹnu ọ̀nà ni Rọra wà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe? Àánú mi ṣe é, ló bá yára. Lọ́jọ́ tí mo nílò ẹsẹ̀ rẹ̀ jù lọ láyé, ló fò wá pẹ̀lú tíréè bí ẹni tí ajá ń lé.

"Rọra!" Mo kígbe. "Rọra, rọra!"

Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà bú sẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó ṣe é. Rọra dúró, ó wo ojú mi, ó ṣe bíi pé ó yé e. Ó padà lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan. Ó mú àwo láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó to fọ́ọ̀kì, ó tún un tò. Mo bu ẹyin sí àwo, ó ṣì tutù lójú, àmọ́ kò ṣàn mọ́. Rọra fi ọmọrí dé e, ó sì ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrìn tirẹ̀. Mo ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi dé orí àtẹ̀gùn, tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Ìdúró yẹn burú. Mo nu tábìlì tó ti mọ́. Mo nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Mo fọ páànù, mo gbẹ ẹ́, mo tún fọ̀ ọ́. Ọ̀gá kò kúrò nídìí mi. Mo rí ìbọ̀wọ́ rọ́bà yẹn létí síǹkì, mo sì yíjú kúrò.

Rọra dé. Ó gbé àwo lọ́wọ́.

"Ó padà," Ọ̀gá ní.

Rọra ṣí ọmọrí. Kò sí nǹkan kan lórí àwo. Bàbá ti fi búrẹ́dì nu ún débi pé ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ kò ní ṣe wàhálà. Ìwé wà lábẹ́ fọ́ọ̀kì. Kò sí máàkì kankan níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ:

"Ṣé ó ti padà dé ni?"

Mo kà á, Ọ̀gá ka tirẹ̀ lókè orí mi. Inú mi dùn, ó sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́fà nídìí omi, oṣù kan nídìí iná, ìyìn tí mo wá rí gbà, orúkọ Ẹ̀gbọ́n ló wà lórí rẹ̀.

"Ó ní kí n mú èsì wá," Rọra ní. "Kí ni kí n wí?"

Mo wo Ọ̀gá. Ó ti gbé ìbọ̀wọ́ rọ́bà yẹn kúrò létí síǹkì, ó ń wá ibi tó máa jù ú sí. Mi ò mọ ohun tó rò, kò sì sọ ọ́.

"Sọ fún wọn pé kò padà dé," mo ní. "Sọ pé èmi ni mo dé."

Rọra lọ, ní ìrìn tirẹ̀. Wọ́n ti mú ìwé mìíràn wá láti yàrá kẹrin, ẹyin rírò fún èèyàn méjì. Mo fọ́ ẹyin mẹ́fà sínú abọ́. Nígbà tí ègé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wó, tí omi wọn ṣì ń dán, mo pa iná, mo gbójú sókè sí ẹnu ọ̀nà, mo sì fi gbogbo ọ̀fun mi purọ́.